Ṣé ohun tí a kọ síra wa lórí Wasáàpù lè dúró fún fáìlì aláìsàn?

Ẹnu_Ọ̀nà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn kékeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń gba aláìsàn wọlé, èmi náà ni fáìlì wà lọ́wọ́ mi. Dókítà méjì la ní, bí ọ̀kan bá lọ sinmi, èkejì á bọ́ sí i. Láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni àwọn aláìsàn tó ti mọ̀ wá ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa lórí Wasáàpù: iye ìfúnpá tí wọ́n wọ̀n nílé, àwòrán egbò, ìbéèrè lórí oògùn. Dókítà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ á dá wọn lóhùn níbẹ̀.

Mo dábàá pé kí á máa kọ èyí tó bá ṣe kókó sínú fáìlì. Ọ̀gá wa ní kò nídìí. Wọ́n ní ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀, kí ló tún kù tí a fẹ́ kọ? Mi ò rí èsì fún wọn. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ? Bí kò bá jẹ́ òótọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí ẹ kì í fi gbogbo ọjọ́ ṣe àdàkọ?

Ọmọ_Ẹ̀rọ
Èyí ò le rárá. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Chats, ẹ tẹ Chat backup, kí ẹ sì tan End-to-end encrypted backup. Bí ẹ ò bá tan èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí, ẹ̀dà tó ń lọ sórí ayélujára kò ní ìdè tó wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó máa ní kí ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà, tàbí kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 64. Ẹ kọ ọ́ síbi tí kò ti ní sọnù, nítorí bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá yín ṣí i. Fóònù ì báà bọ́ sómi, gbogbo rẹ̀ ń padà wá.

Ẹnu_Ọ̀nà
Ẹ ṣeun, màá ṣe ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó sọnù ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni mò ń bi yín pé ṣé ó tó.

Atọ́jú_Àkọsílẹ̀
Kò tó o, àbúrò. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín sì ní ìdí, ó kàn jẹ́ pé ibi tí wọ́n gbé e kà kọ́ ló wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ti pé kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí Wasáàpù lè tún un kọ láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ náà Edited lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè pa á rẹ́ fún gbogbo yín láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì. Aláìsàn fúnra rẹ̀ sì lè tan Disappearing messages sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì láì bi yín léèrè: wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ohun tí ọ̀gá yín pè ní ẹ̀rí ti di àwátì, ọwọ́ yín kọ́ ló sì ti lọ. Àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè pa rẹ́ kúrò lábẹ́ òrùlé yín, ṣé tiyín ni?

Ìyẹn kéré sí èkejì. Nọ́ńbà fóònù ni Wasáàpù fi ń to ọ̀rọ̀, fáìlì sì ń fi aláìsàn to tirẹ̀. Ọmọ ló ń fi ìfúnpá ìyá ránṣẹ́ láti orí fóònù ọmọ. Ìyàwó ń béèrè oògùn ọkọ, lẹ́yìn náà ó béèrè tirẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ṣí ìwé ìyá yìí lọ́la, ibo ló ti máa mọ̀ pé orí fóònù ọmọ rẹ̀ kẹta ni ìyípadà oògùn wà?

Dókítà_Alẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí máa ń dà lójú iṣẹ́, nítorí iwájú mi ló ti ṣẹlẹ̀, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́. Ìyá kan wọlé, ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fi ń wá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa ń wú sí i lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń dínkù tí wọ́n bá jí láàárọ̀. Mo ṣí fáìlì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni amílódípíìnì mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, wọ́n sì ti ń lò ó láti ọdún méjì láìsí ìyọnu. Ẹ̀yin náà ẹ fi ojú inú wò ó: oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọdún méjì, ẹsẹ̀ kò wú, ó wá wú báyìí. Ẹni tó bá ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò ní fura sí oògùn. Ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Bí mo ṣe ṣe náà nìyẹn. Mo gba ẹ̀jẹ̀, mo gba ìtọ̀, mo gbọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo rẹ̀ dára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà ni ìgbésẹ̀ tó kàn, ìyẹn oògùn tí ń mú ni tọ̀, kí wíwú náà lè fà. Kí n tó kọ ohunkóhun, mo máa ń ní kí aláìsàn kó páálí oògùn rẹ̀ jáde. Ìyá kó o jáde. 10 ló wà lára páálí. Mo ní, “Ìyá, ta ló yí i padà?” Wọ́n ní dókítà ni, wọ́n sì ṣí fóònù hàn mí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn: “Ẹ máa lo méjì nínú èyí tí ẹ ní, tó bá tán ẹ ra oní-10.” Ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, bí ọ̀gá ṣe wí. Orí fóònù ìyá àti fóònù dókítà kejì nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà, dókítà náà sì ń sùn nílé rẹ̀.

Amílódípíìnì máa ń wú ọrùn ẹsẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ sí i bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe ga sí i. Mílígíráàmù 10 ni òpin rẹ̀ lójúmọ́. Kì í sì í ṣe pé omi pọ̀ jù lára ni. Oògùn yẹn ló ń ṣí àwọn òpójẹ̀ wẹ́wẹ́, tí omi fi ń jò láti inú wọn sínú ẹran ara. Oògùn tí ń mú ni tọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran irú wíwú yìí lọ́wọ́, ohun tó lè mú wá ni kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dàrú, kí òòyì sì máa kọ́ ìyá tó bá dìde dúró. Oògùn kan wú ẹsẹ̀, a tún gbé òmíràn lé e, nítorí pé ẹnì kan ò kọ ìlà mẹ́rin sínú ìwé.

Mi ò sọ pé ẹnì kejì mi ṣe ohun tó burú nígbà tó gbé oògùn sókè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò kọ ọ́ ni.

Ẹnu_Ọ̀nà
Hàà. Ẹ ṣeun Dókítà, màá ka èyí fún ọ̀gá wa bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ìlà mẹ́rin tí ẹ wí yẹn, kí ni ì bá ti wà níbẹ̀? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára wọn sọ ni, àbí kí wọ́n ya àwòrán ojú fóònù kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì?

Atọ́jú_Àkọsílẹ̀
Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. “Ẹ káàárọ̀ Dókítà, ilé ńkọ́” kò ṣe fáìlì láǹfààní. Ẹni tó bá ń wá ìyípadà oògùn láàárín ogójì ìkíni kò ní rí i. Ohun mẹ́ta ló ń wọ fáìlì: ohun tí aláìsàn sọ tó mú kí ẹ ṣe ìpinnu, ìpinnu náà, àti ìkìlọ̀ tí ẹ fún un. Ti ìyá yẹn, ká ní orí fóònù ọmọ wọn ni ọ̀rọ̀ ti wọlé, èmi ì bá kọ ọ́ báyìí:

“Ọjọ́ 14/3, aago 18:40 ni mo kọ èyí. Àtẹ̀jíṣẹ́ Wasáàpù wọlé ní 16:05 láti nọ́ńbà ọmọ wọn obìnrin. Mo pe aláìsàn fúnra wọn, wọ́n sọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn, ó bá fáìlì mu. Ìfúnpá tí wọ́n wọ̀n nílé ní òwúrọ̀ mẹ́ta: 158/96, 162/98, 156/94. Orí ò fọ́ wọn, àyà ò dùn wọ́n, wọ́n ń lo oògùn lójoojúmọ́. Ìpinnu: amílódípíìnì kúrò ní mílígíráàmù 5, ó di 10, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Mo sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ lè wú, kí wọ́n pè wá tó bá wú. Kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.” Lẹ́yìn náà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ìbuwọ́lù.

Ẹ rí i pé aago méjì ló wà níbẹ̀, ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọlé àti ìgbà tí mo kọ ọ́. Mi ò da méjèèjì pọ̀. Kókó tí wọ́n sì máa ń gbàgbé jùlọ ni ojú ìwé oògùn tó wà níwájú fáìlì. Bí ẹ bá kọ ìtàn yìí sínú tí 5 ṣì wà níwájú, ẹni tó ń kánjú, iwájú ló máa kà. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo la 5 já kó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ 10 sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ àti ìbuwọ́lù sí i. Ẹ má fi nǹkan funfun kùn ún.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Dókítà tó dá aláìsàn lóhùn ló máa kọ ọ́ kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ kọ́ o, àbúrò. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di iṣẹ́ rẹ, wàá máa ka ọ̀rọ̀ dókítà kí o tó mọ èyí tó jẹ́ ìpinnu, ìyẹn ò sì yẹ ọ́.

Ètò_Lọ̀gá
Ẹ̀yin ń da iṣẹ́ lé ara yín lórí. Níbi tí mo wà, ìparí oṣù la máa ń ṣí ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, a tẹ Export chat, fáìlì .txt á jáde, a sì sọ ọ́ sínú àpótí oníbàárà náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó parí. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí pé ẹnì kan yan èyí tó wù ú kọ.

Atọ́jú_Àkọsílẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín dé ààyè kan. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan ní “mi ò sọ bẹ́ẹ̀,” ẹ̀dà yẹn wúlò gan-an. Ẹ tọ́jú rẹ̀.

Àmọ́ ìyá Dókítà_Alẹ́ wọlé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta ni ó wọlé ńkọ́? Ìparí oṣù kò tíì pé. Bí oṣù bá sì pé, ta ló máa ka ojú ewé ọgọ́ta .txt lóru kó tó kọ oògùn? Ẹ rántí pé Export chat náà ní òpin: bí ẹ bá kó àwòrán mọ́ ọn, àtẹ̀jíṣẹ́ 10,000 tó kẹ́yìn ló ń kó, bí kò bá sí àwòrán, 40,000. Ohun tó ti parẹ́ kí oṣù tó pé kò sí nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ bá sì dà pọ̀ mọ́ ti ìyàwó, ẹ ti fi àìsàn ọkọ sínú fáìlì ìyàwó nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá béèrè ẹ̀dà fáìlì rẹ̀, kí lẹ máa fà lé e lọ́wọ́?

Ètò_Lọ̀gá
Ti ọkọ àti ìyàwó yẹn, mi ò rò ó débẹ̀. Oníṣòwò ni àwọn oníbàárà tiwa, ẹni kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà rẹ̀. Èmi ò ní fi Export sílẹ̀ ṣá.

Aṣírò_Owó
Èmi kì í ṣe oníṣègùn, ìwé owó oníbàárà ni mò ń bójú tó, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín kàn mí. Wàhálà tèmi ni fóìsì nóòtì. Oníbàárà á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, àṣẹ méjì á wà nínú rẹ̀, ìyókù á jẹ́ ẹjọ́ àna rẹ̀. Kò ṣeé wá bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń kọ àwọn àṣẹ náà padà sí i: “Ohun tí mo gbọ́ nìyí: kí n fi owó ọkọ̀ sábẹ́ ìnáwó ilé iṣẹ́ láti oṣù kẹfà, kí n má fi ìwé sílẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá mi lóhùn.” Bó bá ti ní “bẹ́ẹ̀ ni,” mo kọ àṣẹ àti ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé oníbàárà, pẹ̀lú ọjọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ tó dáhùn pé “rárá o, oṣù keje ni mo wí,” mo sì ní kó ṣeun.

Ẹ̀yìn ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ sí mi pé nọ́ńbà báńkì òun ti yí padà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ìwé tiwa ni mo máa pè, kì í ṣe èyí tó fi kọ ọ̀rọ̀. Mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo pè, ìgbà tí mo pè, àti ẹni tó gbé e. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ohun tó bá wọlé láti orí fóònù tí wọ́n mọ̀ gbọ́.

Dókítà_Alẹ́
Kíkọ ọ́ padà sí aláìsàn yẹn dára púpọ̀. Màá jí i lò.

Ẹnu_Ọ̀nà
Àwòrán egbò ńkọ́? Ó pọ̀ lórí fóònù ilé iṣẹ́, ó sì wà lórí fóònù àwọn dókítà pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Atọ́jú_Àkọsílẹ̀
Ẹ lọ wo ibi tí fóònù ń kó àwòrán pamọ́ sí. Fóònù mìíràn máa ń kó gbogbo àwòrán Wasáàpù pọ̀ mọ́ àwòrán ẹbí onífóònù, kó sì gbé e lọ sórí ayélujára fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ aláìsàn ń jókòó ti àwòrán ìgbéyàwó. Lórí Áńdíróìdì, Media visibility ni kí ẹ pa. Lórí àìfóònù, Save to Photos ni.

Àwòrán tó bá jẹ mọ́ ìtọ́jú, ẹ gbé e wọ fáìlì lọ́jọ́ tó dé. Ẹ fi nọ́ńbà fáìlì, ọjọ́, àti ibi tó wà lára pè é, bíi “ẹsẹ̀ òsì, lẹ́yìn gìgísẹ̀.” Ẹ má fi orúkọ aláìsàn pè é. Wasáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ fi egbò ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Kí wọ́n sì fi ìwọ̀n tàbí rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa mọ̀ bóyá ó ń sún.

Dókítà_Alẹ́
Bí mo bá ti gbé e wọ fáìlì, mo máa ń pa á rẹ́ lórí fóònù mi lójú ẹsẹ̀. Fóònù mi kì í ṣe ibi tí ìhòòhò aláìsàn ń gbé.

Abẹ́_Òfin
Ẹ rọra o, Dókítà. Akọ̀wé agbẹjọ́rò ni mí. Bí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lẹ́yìn tí aláìsàn ti fi ẹ̀sùn kàn yín, tàbí tó ti ń halẹ̀ pé òun máa fi kàn yín, ó lè dà bíi pé ẹ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, àní kí fáìlì yín pé pérépéré. Ohun tí adájọ́ máa béèrè ni bóyá ohun tó wà nínú fáìlì bá ohun tí ẹ kọ sí aláìsàn mu. Aláìsàn ṣì ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Dókítà_Alẹ́
Ọ̀rọ̀ tí a kọ yàtọ̀ sí àwòrán lójú tèmi. Ọ̀rọ̀ lè dúró. Ṣùgbọ́n kí àwòrán ara ènìyàn máa wà lórí fóònù tí ọmọ mi fi ń ṣeré, nítorí ẹjọ́ tó lè má wáyé láé? Mi ò gbà.

Abẹ́_Òfin
Ẹ kọ òfin tiyín sílẹ̀ nígbà náà, pé lẹ́yìn ọjọ́ báyìí tí àwòrán bá ti wọ fáìlì, a ń pa á rẹ́, àyàfi bí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀. Èyí tí ẹ ń ṣe fún gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ gbogbo yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ṣe fún ẹnì kan lẹ́yìn tó bínú. Iye ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́, òfin ibi tí kálukú wà ló máa sọ.

Ọmọ_Ẹ̀rọ
Ṣé ẹnikẹ́ni ti tan backup tí mo wí yẹn? Àwòrán tí Dókítà ń pa rẹ́ lórí fóònù lè ṣì wà nínú ẹ̀dà àná o. Ó tọ́ kí ẹ mọ̀.

Dókítà_Alẹ́
Èyí ni mi ò mọ̀. Màá lọ wò ó lónìí.

Ẹnu_Ọ̀nà
Ọ̀gá wa ti ka ti ìyá ẹlẹ́sẹ̀ wíwú. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn ní kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí dókítà kọ tirẹ̀ kó tó lọ ilé. Mo tún dábàá pé kí dókítà má lo fóònù ara rẹ̀ mọ́, wọn ò tíì gbà. Ìbéèrè mi tó kù ni ti ẹ̀yìn: odindi ọdún kan ọ̀rọ̀ wà lórí fóònù tí kò sí nínú fáìlì. Ṣé kí a dá gbogbo rẹ̀ kọ, kí a fi ọjọ́ ìgbà yẹn sí i?

Atọ́jú_Àkọsílẹ̀
Ẹ má fi ọjọ́ ìgbà yẹn sí i láé! Ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ ni ẹ máa fi sí i. Ẹ kọ “Àkọsílẹ̀ tó pẹ́” sókè, kí ẹ wá sọ nínú rẹ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ báyìí ni ẹ ti mú un. Ẹni tó kọ nǹkan lónìí tó fi ọjọ́ oṣù kẹta sí i ti sọ fáìlì tó kù di ohun ìfura.

Ẹ má sì dá gbogbo rẹ̀ kọ, ẹ ò ní parí. Ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára aláìsàn lónìí ni kí ẹ wá: oògùn tó yí padà tó ṣì ń lò, oògùn tí ẹ ní kó dá dúró, ohun tó ní kò bá òun lára mu, àyẹ̀wò tí ẹ ní kó lọ ṣe tí èsì rẹ̀ kò tíì dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá dé, ẹ ní kí wọ́n kó páálí oògùn wọn jáde kí ẹ fi wé ojú ìwé oògùn. Níbi tí méjèèjì ò bá ti bára mu, fóònù ni kí ẹ ti lọ wá ìdí rẹ̀.

Ẹnu_Ọ̀nà
Mo ti kó fáìlì ti ọ̀la sílẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni. Màá jábọ̀ bí a bá rí èyí tí kò bára mu.